Oko Kì Í Jẹ́ ti Baba àti Ọmọ Kó Má Ní Ààlà: Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Ìfàléwọ́ ní Ẹ̀ka Àkáńtì

Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ọ̀gá àkáńtì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka owó olówó, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé tí òṣìṣẹ́ àkáńtì máa ń kọ sílẹ̀ fún ẹni tó máa gba ipò rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ìwé ìfàléwọ́ ni mo máa pè é lónìí, torí iṣẹ́ là ń fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ọdún mọ́kànlá ni mo lò ní ẹ̀ka àkáńtì ilé-ìwòsàn àdáni kan ní Ìbàdàn. Mo dé ibẹ̀ lọ́dún 2011. Ní òpin oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka ìrajà, níbi tí wọ́n ti ń ra oògùn àti ohun èlò. Ilé kan náà ni, àtẹ̀gùn kan ló wà láàárín wa. Mo ti gba ìwé ìfàléwọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú mi, mo sì ti kọ ọ́ fún ẹni tó tẹ̀lé mi. Èyí tí mo gbà ló kọ́ mi bí mo ṣe máa kọ tèmi, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìwé tí mo gbà lọ́dún 2011

Ojú-ìwé mẹ́rin ni ọ̀gá tó ṣáájú mi fún mi. Ó kọ ọ́ dáadáa, kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Ó ka iye fáìlì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kọ iye kọ́kọ́rọ́, iye ẹ̀rọ ìṣirò, ibi tí ìwé rìsíìtì tí a kò tíì lò wà. Ó wá parí rẹ̀ pé gbogbo nǹkan ló wà létòlétò. Mo fọwọ́ sí i, a bọ ara wa lọ́wọ́, ó lọ.

Ní oṣù kẹwàá, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tó tún wọ́ọ̀dù wa ṣe wọlé wá. Ó kí mi tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé ẹ̀rí owó orí tí ẹ yọ lára owó mi, ìgbà wo lẹ máa fún mi?" Mo ní owó orí wo? Ó yọ ẹ̀dà fáọ́ṣà jáde. Iṣẹ́ ₦2,400,000 ló ṣe fún wa. Ní oṣù karùn-ún, ọ̀gá tó ṣáájú mi san owó rẹ̀, ó sì yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà náà ṣe wí. ₦120,000 nìyẹn. Owó yẹn yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ìjọba kí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà tó kọjá. Kò dé ibẹ̀.

Ta ló jẹ ẹ̀bi? Ẹni tó yọ owó náà ti lọ kí ọjọ́ sísan tó pé. Èmi tí ọjọ́ sísan bá lórí àga kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni yọ owó kankan. Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ náà. Owó náà wà ní báńkì, mo ń rí i lójoojúmọ́, mo sì rò pé tiwa ni. A ti fi í ra oògùn. Ilé-ìwòsàn san owó náà pẹ̀lú ìtanràn àti èlé, agbaṣẹ́ṣe náà sì dúró títí kó tó gba ìwé ẹ̀rí tó fẹ́ fi dín owó orí tirẹ̀ kù.

Ẹ wo ìwé ojú-ewé mẹ́rin yẹn. Ó sọ iye kọ́kọ́rọ́ fún mi, kò sọ pé gbèsè ìjọba wà lọ́rùn wa. Fáìlì tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò lè sá lọ. Bí o kò bá kọ ọ́, ẹni tó ń bọ̀ máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó máa rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí a bẹ̀rẹ̀ tí a kò tíì parí, inú orí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló wà. Ìyẹn gan-an ni ìwé ìfàléwọ́ wà fún.

Ẹ jẹ́ ká fa ààlà

Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ọmọ kó má ní ààlà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ sórí ìwé tèmi ni ọjọ́ àti àkókò: òpin iṣẹ́ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà, ọdún 2022. Gbogbo owó tó wọlé tàbí tó jáde títí di àkókò yẹn, èmi ni mo máa dáhùn fún un. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, ti ẹni tó gba iṣẹ́ ni.

Ẹ wá wò ó, ààlà yẹn kò tó. Kí ló dé? Nítorí pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí ẹsẹ̀ wọn kan wà níhìn-ín, tí ẹsẹ̀ kejì wà lọ́hùn-ún. Owó tí a yọ ní oṣù kẹfà, oṣù keje la máa san án. Àwọn wọ̀nyí ni mo fi sí ojú-ìwé kejì, lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa san án.

A san owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí owó náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí a bá ti san owó oṣù, ìtanràn àìsan rẹ̀ kò sì lè dín ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Mo ka ọjọ́ méje náà lórí kàlẹ́ńdà, mo yọ Sátidé àti Sọ́ńdè kúrò, ó bọ́ sí ọjọ́ keje oṣù keje. Mo kọ ọjọ́ yẹn gan-an sílẹ̀. Mi ò kọ "láàárín ọjọ́ méje", nítorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ lè má mọ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Owó orí òṣìṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ọjọ́ kẹwàá ni. Owó orí tí a yọ lára owó àwọn ilé-iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún ni. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan mo kọ iye owó, ibi tí ìwé tó ti iye náà lẹ́yìn wà, àti gbólóhùn kan: "Èmi ni mo yọ owó yìí, ìwọ lo máa san án."

Gbólóhùn yẹn kúrú, àmọ́ ká ní wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi lọ́dún 2011 ni, ₦120,000 yẹn ì bá ti dé ibi tó ń lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju eéje lọ

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbi tí mo dé yìí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwé tí a fi ń wé owó inú ìwé wa mọ́ owó tí báńkì sọ pé ó wà. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé iye méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ fa iṣẹ́ léni lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí wọn kò fi dọ́gba lọ́jọ́ tó ń lọ, láìku náírà kan.

Lọ́jọ́ ààlà wa, ìwé owó tiwa sọ pé ₦4,812,500 la ní. Báńkì sọ pé ₦5,236,000 ni. Ẹni tí kò mọ̀dí á ní, "Áà, owó wa pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ!" Ẹ jẹ́ ká tú u.

Sọ̀wédowó méjì wà tí a ti kọ fún àwọn èèyàn tí wọn kò tíì gbé lọ sí báńkì, ₦230,000 àti ₦150,000. Báńkì kò tíì mọ̀ nípa wọn. Bí a bá yọ ₦380,000 yìí kúrò nínú ti báńkì, ó ku ₦4,856,000. Ní ìhà tiwa, báńkì ti yọ owó iṣẹ́ wọn ₦6,500 tí a kò tíì kọ sílẹ̀, ₦50,000 kan sì wọlé sí báńkì tí a kò mọ ẹni tó ni í. Bí a bá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ₦4,812,500 tí a fi ìkejì kún un, ₦4,856,000 náà ló jẹ́. Ìhà méjèèjì pàdé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró níbí. Wọ́n á fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní ó ti bára mu, ó ti parí. Ṣé ó parí lóòótọ́? Ìṣirò ló parí, ọ̀rọ̀ kò parí. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ìtàn sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń bọ̀ kò lè rí ìtàn náà lórí ìwé báńkì.

Ẹ mú sọ̀wédowó ₦230,000. Ọjọ́ kejìlá oṣù kejì la kọ ọ́ fún ẹni tó ń gbé omi wá fún wa. Ẹni náà lọ sí abúlé rẹ̀ nítorí àìsàn, kò tíì padà. Ìwọ̀nyí wà nínú orí mi nìkan. Lórílẹ̀-èdè wa, sọ̀wédowó tó bá ti kọjá oṣù mẹ́fà ti kú, báńkì kò ní san án. Ìyẹn ni pé ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ni èyí máa kú, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí mo bá lọ. Bí ẹni tó tẹ̀lé mi kò bá mọ̀, ọ̀kan nínú ohun méjì ló máa ṣẹlẹ̀. Ó lè fi owó náà sílẹ̀ títí ayé bí ẹni pé wọ́n ṣì ń bọ̀ wá gbà á. Tàbí kí olómi dé, kó ní wọn ò tíì sanwó fún òun, kí ẹni tuntun kọ òmíràn fún un láìfagi lé ti àkọ́kọ́. Nítorí náà mo kọ ọ́ báyìí: ẹni tó ni í, ìdí tí kò fi tíì gbà á, ọjọ́ tó máa kú, àti pé bí ọjọ́ náà bá pé, kí ó kọ̀wé sí báńkì láti dá a dúró, kí ó dá owó náà padà sínú ìwé gẹ́gẹ́ bíi gbèsè tí a jẹ olómi, kó tó ronú àtikọ tuntun.

Sọ̀wédowó ₦150,000 kò ní wàhálà. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà la kọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé ó yẹ kó kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ kan; bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó pe ẹni tó ni í. Gbólóhùn kan péré. Kò pọn dandan kí gbogbo ìlà gùn.

₦50,000 yẹn ló fún mi níṣòro jù. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún ló wọlé. Orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí aláìsàn kankan lọ́dọ̀ wa tó ń jẹ́ orúkọ bẹ́ẹ̀. Ní ilé-ìwòsàn, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe aláìsàn ló máa ń sanwó nígbà gbogbo. Àbúrò lè san án, àna lè san án, ọ̀rẹ́ ọkọ lè san án. Mo fura pé owó ìdógò fún aláìsàn kan tí wọ́n gbà wọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ yẹn ni. Àmọ́ ìfura kò ju ìfura lọ.

Báwo la ṣe ń kọ irú èyí? Mo pín in sí mẹ́ta. Ohun tí mo mọ̀: ọjọ́, iye, orúkọ tó wà lórí ìwé báńkì. Ohun tí mo fura sí: owó ìdógò, nítorí iye náà bá iye tí a máa ń gbà mu. Ohun tí mo ti ṣe: mo kọ̀wé sí báńkì, mo bi àwọn tó wà ní ibi ìgbowó, èsì kò tíì wá. Mo sì fi kún un pé kó má ka owó yìí mọ́ owó tí a pa, kó jẹ́ kó wà nínú gbèsè títí olówó á fi yọjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohun tí ẹ fura sí ṣe ohun tí ẹ mọ̀. Bí mo bá kọ "owó ìdógò ni" tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ kò ní wá a mọ́. Mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn.

Owó tó wà lọ́wọ́ èèyàn

Owó mìíràn wà tí kò sí ní báńkì, kò sí nínú séèfù, ọwọ́ àwọn ará ibi iṣẹ́ ló wà. A fún nọ́ọ̀sì kan ní ₦185,000 kó fi lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Èkó. Ó padà dé, ó kó rìsíìtì ₦142,000 wá. Ó ku ₦43,000. Ó wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù mi." Mo ní ó dáa. Àdéhùn ẹnu ni. Bí mo bá kúrò lórí àga yẹn láìkọ ọ́ sílẹ̀, kí ni àdéhùn yẹn dà? Nọ́ọ̀sì á ní òun àti ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Ẹni tuntun á ní òun ò mọ ẹ̀gbọ́n kankan. Ìjà á bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjì tí kò ṣẹ ara wọn. Mo pe nọ́ọ̀sì náà, a kọ àdéhùn sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ọ̀gá ilé-ìwòsàn fọwọ́ sí i, mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìfàléwọ́.

Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú: bí ẹ bá ń kọ nípa èèyàn, ẹ kọ ọjọ́ àti iye, ẹ má kọ ìwà. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ "ṣọ́ra fún arákùnrin yìí, kì í dá owó padà" sínú rẹ̀. Ìwé yẹn máa wà ní fáìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ kò sì ráyè fèsì. Bí o bá kọ pé ó gba owó ní oṣù kejì, pé a ti kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn déètì náà á sọ̀rọ̀ fúnra wọn.

Owó ọwọ́ kékeré tí a fi ń ra bíírò àti epo ọkọ̀ wà níbẹ̀ náà. ₦100,000 ló yẹ kó jẹ́ nígbà gbogbo. A kà á lójú ẹni mẹ́ta: èmi, ẹni tó ń gba iṣẹ́, àti ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò nínú ilé-ìwòsàn. Owó ₦37,400, rìsíìtì ₦59,100. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦96,500. Ó ku ₦3,500, awakọ̀ kan ló yá a ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì fọwọ́ sí ìwé pélébé kan. Ó rọrùn láti fa ₦3,500 yọ nínú báàgì mi kí iye náà lè dọ́gba. Ó wù mí ṣe, torí ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi owó mi dí i, ìwé tí mo kọ ti di irọ́, awakọ̀ á sì rò pé gbèsè ti parí. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí.

Kọ́kọ́rọ́ tí a kò lè fi lé ara wa lọ́wọ́

Mo bọ́ sí ibi tó máa ń ṣe àwọn èèyàn rere léṣe. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka ìrajà, mo ṣì wà lára àwọn tó ń fọwọ́ sí owó ní báńkì. Tókìnnì tó ń mú nọ́ńbà jáde wà lọ́wọ́ mi. Alabáàṣiṣẹ́ kan ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ń da ara yín láàmú? Ẹ gbé e fún un, ẹ sọ ọ̀rọ̀ aṣínà fún un, ó parí." Àánú ló fi sọ ọ́.

Kí ló burú níbẹ̀? Ohun méjì ni. Bí mo bá fi tókìnnì mi sílẹ̀, gbogbo owó tí ẹni tuntun bá san, orúkọ mi ló máa wà lórí rẹ̀ ní báńkì. Ìkejì ló wúwo jù: láti ọjọ́ kìíní oṣù keje, èmi ni mò ń yan ẹni tí a máa ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá tún ní agbára àtisan owó rẹ̀, mo ń rajà, mo tún ń sanwó ọjà tí mo rà. Kódà bí ọwọ́ mi bá mọ́ bí omi, kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí hàn pé ó mọ́.

Nítorí náà ojú-ìwé kan nínú ìwé mi kò ní nǹkan mìíràn ju àṣẹ lọ. Báńkì wo ni mo ti ń fọwọ́ sí? Ọjọ́ wo ni àwọn olùdarí kọ̀wé pé kí wọ́n yọ mí kúrò? Ọjọ́ wo ni báńkì dáhùn pé àwọn ti yọ mí? Ẹ má dúró síbi lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́. Lẹ́tà lè sùn sórí tábìlì báńkì fún oṣù méjì. Èsì wọn lẹ nílò.

Ohun kan wà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, tí mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ń gbàgbé rẹ̀. Fóònù ta ni báńkì ń fi nọ́ńbà ìjẹ́rìí ránṣẹ́ sí? Ímeèlì ta ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lójú òpó ayélujára àwọn agbowó-orí? Fóònù èmi fúnra mi ni, ímeèlì èmi fúnra mi ni, torí pé lọ́dún tí a forúkọ sílẹ̀, ilé-ìwòsàn kò tíì ní ímeèlì tirẹ̀. Bí ẹni tuntun bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ aṣínà ṣe, ọ̀dọ̀ mi ni nọ́ńbà náà máa wá, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí mo ti ń bá àwọn olóògùn dúnàá-dúrà. A yí gbogbo rẹ̀ sí ímeèlì àti síìmù ilé-ìwòsàn kí n tó lọ. Ọ̀rọ̀ aṣínà kankan kò sí nínú ìwé ìfàléwọ́ mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni orúkọ ojú òpó, ohun tí a ń ṣe níbẹ̀, àti ẹni tó lè ṣí àyè fún ẹni tuntun lórúkọ ara rẹ̀.

Jẹ́ kí ó fi ìwé náà ṣiṣẹ́ lójú rẹ

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ìwé tó o kọ dára? O ò lè mọ̀ ọ́n nípa kíkà á, nítorí pé nígbà tó o bá ń kà á, orí rẹ ń dí ihò tó wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí ẹlòmíràn bá fi ṣiṣẹ́ lo máa mọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni wọ́n sọ fún mi pé mò ń lọ. Ọjọ́ kẹtàlá, arábìnrin tó máa gba iṣẹ́ ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbé ìwé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ fún un, mo ní kó fi parí ìṣirò oṣù karùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má bi mí ní ìbéèrè. Bí ó bá dé ibi tó há, kó fi bíírò pupa sàmì síbẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti dákẹ́, ẹ gbà mí gbọ́.

Ibi tó ti há jù ni owó tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera kan san. A fi ìwé owó ₦1,260,000 ránṣẹ́ sí wọn fún ìtọ́jú oṣù kẹrin. ₦1,148,000 ni wọ́n san, lódindi, láìsọ ti ẹni tí wọ́n san àti ti ẹni tí wọn kò san. Ó wo ₦112,000 tó kù, ó fàmì pupa sí i, ó wojú mi. Mo wojú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lórí! Àwọn aláìsàn tí a tọ́jú láìkọ́kọ́ gba nọ́ńbà àṣẹ lọ́wọ́ wọn ni, wọ́n kì í sanwó irú wọn. Nínú rẹ̀, ₦70,000 jẹ́ ti àwọn tí a ti rí nọ́ńbà àṣẹ wọn lẹ́yìn náà, tí a sì ti tún fi ránṣẹ́. ₦42,000 kò lè wọlé mọ́, ó ń dúró de àṣẹ olùdarí kí a lè pa á rẹ́ nínú ìwé. Gbogbo èyí kò sí nínú ìwé mi, ọ̀rọ̀ kan kò sí. Ọdún mọ́kànlá ti sọ ọ́ di ohun tí mo rò pé gbogbo ayé mọ̀.

Àmì pupa méje ló wà lórí ìwé náà nígbà tó parí. Àwọn méje yẹn ni mo padà kọ. Ojú-ìwé mọ́kànlá tí ìwé náà jẹ́ lápapọ̀, bíi mẹ́ta ló ti ara àmì pupa yẹn jáde.

Ìfọwọ́sí, àti oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gba iṣẹ́, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ máa fọwọ́ sí. Ìwé kan lè ní "Mo gbà pé gbogbo ìṣirò yìí tọ́." Báwo lo ṣe mọ̀? O ò sí níbẹ̀. Ohun tí arábìnrin yìí kọ ni pé òun gba ìwé yìí, òun ka owó ọwọ́ lójú ẹni mẹ́ta, òun rí ìwé báńkì ọjọ́ ààlà, àwọn nǹkan tí a kọ pé kò tíì parí sì ti ye òun. Ìfọwọ́sí tirẹ̀ kò wẹ̀ mí mọ́ kúrò nínú ohun tí mo ṣe ṣáájú ààlà, kò sì yẹ kó wẹ̀ mí mọ́. Bí àṣìṣe mi bá yọjú lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á pè mí, màá dáhùn.

A fi oṣù kan sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, kì í sì í ṣe lórí fóònù. Ó máa ń kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, mo máa ń kọ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìfàléwọ́ fúnra rẹ̀. N kò bá a fọwọ́ kan ìṣirò kankan. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìbéèrè mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò wá.

Ní oṣù kẹsàn-án, ìyá kan wá sí ibi ìgbowó. Ó ní ọkọ ọmọ òun ti fi owó ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n dá òun dúró sí wọ́ọ̀dù ní oṣù karùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní kí òun san odindi owó náà nígbà tí òun ń lọ sílé. Wọ́n mú un lọ sí àkáńtì. Arábìnrin náà kò pè mí. Ó ṣí ìwé náà, ó rí ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó rí ₦50,000, ó bi màmá ní orúkọ ọkọ ọmọ wọn, orúkọ náà sì ni. Wọ́n dá owó màmá padà lọ́sẹ̀ yẹn. Lábẹ́ ibi tí mo ti kọ "ohun tí mo fura sí", ó kọ déètì, nọ́ńbà fáọ́ṣà, àti "a ti rí olówó."

Mo mú ẹ̀dà ìwé náà dání, mo ti yọ orúkọ gbogbo èèyàn kúrò nínú rẹ̀, àwọn àmì pupa ṣì wà níbẹ̀. Orí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ló wà. Ẹ wá wò ó kí ẹ tó lọ. Ẹ ṣeun púpọ̀.